Ìkòkò yín ńkọ́?

“Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ se oúnjẹ ìkómọjáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Mùsùlùmí ni ìdílé ọkọ, àwọn Júù sì wà lára àwọn ará ibi iṣẹ́ ìyàwó. Tí mo bá ti lo ẹran hàláàlì, ṣé kò ti tó fún gbogbo wọn?”

Kò tó o. Kóṣà ni oúnjẹ tí òfin Júù gbà láyè. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí alásè ń sọ pé kóṣà àti hàláàlì, ọ̀kan náà ni, ẹ ṣá ti yọ ẹlẹ́dẹ̀ kúrò. Àwọn méjèèjì kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lóòótọ́, wọn kì í sì í jẹ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n Júù tó kọ́ṣẹ́ ẹran dídú nìkan ló lè dú ẹran kóṣà; wọ́n á yẹ ẹ̀dọ̀fóró màlúù wò, wọ́n á sì fi iyọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ tó kù jáde. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí á jẹ ẹran Júù, torí Súrà 5 nínú Kùránì gbà wọ́n láyè. Júù tó ń pa òfin mọ́ kò ní jẹ tiwọn.

Ẹ wá wo ẹ̀fọ́ rírò yín. Edé tí ẹ dà sí i kò ní lẹbẹ, kò ní ìpẹ́. Èèwọ̀ Júù ni. Ẹja àrọ̀ ní lẹbẹ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́, kò sí ìpẹ́ kankan níbẹ̀. Èèwọ̀ lòun náà. Mùsùlùmí ilé wa sì ń jẹ méjèèjì láìwẹ̀yìn. Títọ́ọ̀sì àti páńlá dára fún gbogbo wọn. Kí ẹ rà á tòun ti awọ, torí ìpẹ́ tó ṣeé họ kúrò láìfa awọ ya ni wọ́n ń wò.

Ìrẹsì tí ẹ fi bọ́tà sè, tí ẹ wá kó adìẹ lé, Mùsùlùmí á jẹ ẹ́. Júù kò ní jẹ ẹ́, wọn kì í pa wàrà pọ̀ mọ́ ẹran. Òróró ni kí ẹ lò. Ẹ má fi ọtí sí kéèkì, nítorí Mùsùlùmí.

Gbogbo èyí kò tíì kan ìkòkò. Ìyá ìyá mi ní ìkòkò kan tó máa ń dojú rẹ̀ dé sórí pẹpẹ, ti ìyàwó ilé kan tí òkété jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣíbí ọbẹ̀ mìíràn kàn án. Àwa tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ tọ́ ló wá ń sọ pé fífọ̀ ti tó! Ìkòkò tó ti se edé rí kò ṣeé se oúnjẹ kóṣà, bí ẹ tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àlejò náà, torí kì í ṣe gbogbo Júù ló ń pa á mọ́ dé bẹ́ẹ̀. Fún àwọn tó ń pa á mọ́, ẹ bá wọn ra oúnjẹ lọ́dọ̀ alásè kóṣà tí àwọn rábì ń bójú tó, èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, tòun ti ṣíbí àti àwo tuntun. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e gbóná nínú ààrò yín, ẹ fi bébà onírin wé e nílọ̀ọ́po méjì. Ẹ má ṣí i wò. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u.