Ẹ̀rọ mẹ́ta, àròkọ kan, èsì ò bára mu

Ìbéèrè: Àròkọ kan náà ni mo fi sínú ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ mẹ́ta tó ń wò ó bóyá AI ló kọ ọ̀rọ̀, ọ̀kan ní 82%, ọ̀kan ní 35%, ìkẹta ní 4%. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Má ro wọ́n pọ̀ kó o wá pín in sí mẹ́ta o, torí ohun tí wọ́n ń kà lè má jọra rárá. 82% ti ibì kan lè jẹ́ bó ṣe dá ẹ̀rọ yẹn lójú tó pé AI ló kọ ọ́, nígbà tí 35% ti ibòmíì jẹ́ iye gbólóhùn tó fura sí. Ka àlàyé abẹ́ nọ́ńbà yẹn ná.

Àwọn ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ míì sì máa ń gé ọ̀rọ̀, o fi ọ̀rọ̀ 1,200 sí i, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló kà. Torí náà, mú apá kan náà, bí ọ̀rọ̀ 300, fi sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé: wá àròkọ míì tí ẹni tó kọ èyí ti kọ kí ChatGPT tó jáde ní oṣù kọkànlá 2022, kó o fi sí wọn. Tí ẹ̀rọ tó gbé 82% bá tún gbé 70% fún ìyẹn, á jẹ́ pé bí ẹni náà ṣe ń kọ̀wé ló ń fura sí, pa èsì ẹ̀ tì.

Ká tiẹ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò, kì í ṣe ẹ̀rí mẹ́ta, torí ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń wò: bó ṣe rọrùn tó láti mọ ọ̀rọ̀ tó kàn. OpenAI tó ṣe ChatGPT gan-an yọ ẹ̀rọ tiwọn kúrò ní 2023 torí èsì ẹ̀ kì í sábà tọ̀nà. Version history inú Google Docs ni kó o béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, ibẹ̀ lo ti máa rí bó ṣe kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.