Lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ThinkPad T480

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ lẹ́tà sí ọmọ àbúrò bàbá mi ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó bá mi ra láptọ́ọ̀pù ThinkPad T480 àlòkù. Mo ti kọ ọ́ pé Core i7 ni mo fẹ́, àti pé bí páásíwọ́ọ̀dù bá wà lórí rẹ̀, kí ó má dààmú, a óò yọ ọ́ nílé. Kí ló tún yẹ kí ó yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fagi lé ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù yẹn kí lẹ́tà náà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ní ti i7, i5 tó yín lò, bí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e bá ṣáà ti fi 8 bẹ̀rẹ̀, bíi i5-8250U. Àwọn T480 kan wà tó jẹ́ i5-7300U, Windows 11 kò sì fọwọ́ sí ìyẹn.

Páásíwọ́ọ̀dù Windows kì í ṣe ìṣòro, nítorí pé bí a bá tún Windows fi sí i, ó ti lọ nìyẹn. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni Supervisor Password, tí iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà náà máa ń fi sínú BIOS, ètò tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó wọlé. Àwọn kan á ní kí ẹ yọ bátìrì kékeré inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì parẹ́. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́, ṣùgbọ́n ti ThinkPad wà nínú ègé kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tí kò nílò iná láti rántí ohun tí a fi pamọ́ sí i. Lenovo fúnra wọn sọ pé mọ́dábọ́ọ̀dù ni kí a pààrọ̀. Oníbàárà mi kan gbà fún ẹnìkan tó ní òun mọ̀ ọ́n tú. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, kò tanná mọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ pé kí ó pa á, kí ó tún un tàn, kí ó sì máa tẹ F1 léraléra láti wọ BIOS. Bí ó bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù, kí ó dá a padà fún olùtajà, kódà bí títẹ Enter lásán bá gbé e wọlé. Bí kò bá béèrè, kí ó wọ Security, lẹ́yìn náà Password: Disabled ló gbọ́dọ̀ wà níwájú Supervisor Password.

Bátìrì méjì ni T480 ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kí ó kọ èyí sínú Command Prompt:

```
powercfg /batteryreport
```

Yóò sọ ibi tí ó fi fáìlì ìròyìn bátìrì pamọ́ sí. Kí ó ṣí i, kí ó sì fi FULL CHARGE CAPACITY wé DESIGN CAPACITY. Ti inú jẹ́ nǹkan bí 24,000 mWh nígbà tó wà ní tuntun. Bí ó bá ku 13,000, ó lé díẹ̀ ní ìdajì ló kù. Ìyẹn kò ní kí ó má rà á, ṣùgbọ́n kí ó fi ná an wálẹ̀.

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí n kò rí. Kí ó ya fọ́tò ojú ewé Password náà ránṣẹ́ sí yín kí ó tó sanwó.