Wáyà yẹn ni kí ẹ tọ̀: bí a ṣe ń ka àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi. Olóṣèlú alágbádá kan gbé gílóòbù tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ sókè, ó ń ṣèlérí iná ọba fún èrò. Wáyà gílóòbù náà gba abẹ́ agbádá lọ sídìí jẹnẹrétọ̀. Ìgbálẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó túmọ̀ sí pé ó ti kó owó iná jẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìdáhùn: Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn lólè nínú àwòrán sábà máa ń ya owó sí i, bí àpò tó wú tàbí náírà tó ń já bọ́ lábẹ́ agbádá. Nínú èyí tí ẹ ṣàpèjúwe, wáyà tó lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ ló wà lábẹ́ agbádá.

Ohun tí wọ́n yà tó tóbi jù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ fi wé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ká ní ikùn ọkùnrin náà ni wọ́n fẹ̀, ọ̀rọ̀ jíjẹ ni ìbá jẹ́. Gílóòbù ni wọ́n fẹ̀, nítorí náà ìlérí gan-an ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wá fi ìka tọ wáyà náà dé òpin. Iná tó ń ṣèlérí kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, ẹ̀rọ tirẹ̀ ló ń tàn án, ó sì fi pa mọ́ fún àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀sùn inú àwòrán nìyẹn: ó ń ṣèlérí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbára lé. Àsọdùn ni jẹnẹrétọ̀ náà pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e bí ẹ̀rí pé irú ẹ̀ wà nílé ẹnì kan.

Àmì ẹgbẹ́ ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Lónìí, ìgbálẹ̀ ni ti APC, àbùradà ni ti PDP. Ṣùgbọ́n ACN ló ni ìgbálẹ̀ kí APC tó dé ní 2013. Bí àwòrán bá sì jẹ́ ti ìbò 1979, iná tó ń jó lórí igi lè má kan ọ̀rọ̀ iná mànàmáná rárá, torí ògùṣọ̀ ni àmì UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Ọ̀pẹ tó wà nínú àwòrán ayé Action Group náà kì í ṣe igi lásán. Ẹ mọ ọdún tí wọ́n ya àwòrán kí ẹ tó túmọ̀ àmì.

Ẹ wo igun ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ayàwòrán sábà máa ń fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá ti gé igun náà kúrò, tàbí tí ìlà ìgbálẹ̀ náà nípọn ju ìlà agbádá lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì ti pààrọ̀ àmì ẹgbẹ́ kó tó pín in. Ẹ wá èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kí ẹ tó dá ẹgbẹ́ kankan lẹ́bi.