Ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó àti ọmọ tí inú ń tètè bí

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 6. Bí inú bá ti bí i, ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa fi lu àbúrò rẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ ṣe ọmọlangidi, wọ́n á fi kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ó ṣiṣẹ́ fún èmi, àmọ́ kì í ṣe bí mo ṣe kọ́kọ́ ṣe é. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 7 nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 5. Odidi oṣù kan ni mo kọ́kọ́ fi ba nǹkan jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe yẹn ná, torí òun gan-an ló máa ń wá síni lọ́kàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n gbá àbúrò létí. Ẹkún ò tíì rọlẹ̀ tí mo ti sáré ki ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀ tí a sọ ní Sọ́jà, mo ní, "Ṣé o rí i, Sọ́jà náà ní ohun tí o ṣe yẹn ò dáa." Ọmọ náà já ìbọ̀sẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó jù ú sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ mìíràn mo tún dán an wò, ó tún jù ú nù. Ìgbà yẹn ló yé mi pé mo ti sọ ọmọlangidi di pankẹ́rẹ́. Lójú ọmọ, ìyá rẹ̀ kan náà ló ń bá a wí, ó kàn wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́ ni. Yàtọ̀ síyẹn, ọmọ tí ìbínú ń gùn lọ́wọ́ kò lè gbọ́ ìtàn. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí ara wọn balẹ̀, kí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Tiwa ti wá di ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí kò sí ìjà kankan nílẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò di eré gbígbá ara ẹni lórí.

Ní ti ṣíṣe é, ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dára jù, èyí tó ti ya tàbí tí èkejì rẹ̀ ti sọnù. Ti bàbá rẹ̀ máa ń tóbi jù, ọwọ́ ọmọ kì í kún un, ojú ọmọlangidi á kàn máa rọ̀ jọwọlọ. Ìka mẹ́rin á wọ ibi ọmọ ìka ẹsẹ̀, àtàǹpàkò á wọ ibi gìgísẹ̀. Aṣọ tó kù láàárín méjèèjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọnú àtẹ́lẹwọ́, ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gán igun ẹnu méjèèjì kó má baà tú. Kí ọmọ wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ kí ẹ tó fi báírò sàmì ibi tí ojú máa wà, kí ẹ wá rán bọ́tìnì méjì síbẹ̀. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 bá wà nílé, ẹ má lo bọ́tìnì rárá. Yóò já a, yóò kì í bọ ẹnu, ó sì lè há a lọ́fun. Ẹ fi màkà ya ojú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gé páálí sínú ẹnu rẹ̀ kó lè dúró gbagidi. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn àkọ́kọ́, mo sì padà yọ ọ́. Ìdí rèé: bí kò bá sí páálí, tí ọmọ bá di ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́ nínú ìbọ̀sẹ̀, gbogbo ojú ọmọlangidi á fún pọ̀, ẹnu á wọlé, bọ́tìnì á sún mọ́ra, á wá dà bí ẹni tó fajú ro. Bó bá tú ọwọ́ ká, ojú náà á là. Inú ohun kékeré yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà wà. Ìbínú tí ọmọ ò rí, tí kò lè dárúkọ, ó ti rí i báyìí lórí ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun lòun ń dì í, òun náà lòun ń tú u. A óò ní kí Sọ́jà bínú, ọmọ á di ọwọ́ títí a óò fi ka ení dé àrún-ún, lẹ́yìn náà á fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́nu pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, á sì máa tú ìka kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé níbo ni ìbínú Sọ́jà ń gbé. Mo rò pé yóò ní inú. Ó ní, "Nínú ọwọ́, àti níbí," ó sì fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti rí i tó ń wa eyín pọ̀, mo mọ̀ pé kò ní pẹ́.

Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn ọmọdé láti ṣe bí ìjàpá: bí inú bá bí ọ, dúró, fa orí wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ, mí kanlẹ̀, ro ohun tí o lè ṣe, kí o tó jáde. Ìbọ̀sẹ̀ gbà á dáadáa, torí ọmọ lè fa ọwọ́ wọnú apá aṣọ rẹ̀, kí orí ọmọlangidi wọlé pátápátá. Àwọn tèmi ò gbà. Àbúrò ní, "Mọ́mì, olè ni Ìjàpá!" Kí ni mo fẹ́ sọ? Gbogbo àlọ́ tí ìyá àgbà wọn ti pa fún wọn ló gbè é lẹ́yìn. La bá sọ ọ́ di pé Sọ́jà wọ bárékè. Níbí yìí, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá kọ́ ọmọ láti wọlé nìkan, ẹ ti kọ́ ọ láti máa yan odì. Sọ́jà gbọ́dọ̀ jáde, ó sì gbọ́dọ̀ mú gbólóhùn kan bọ̀: ohun tó fẹ́, tàbí ohun tó dùn ún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ń ṣe ìjáde yìí nìkan, torí òun ló le jù.

Ní ti èdè-àìyedè, ẹ jẹ́ kí n sọ ti fáànù. Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, fáànù oníbátìrì kan tí kò lè yí ọrùn mọ́. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ lálẹ́, ìjà ti dé: ta ni kó dojú kọ? Mo ti pín in ní wákàtí-wákàtí, kò yanjú, torí ta ló ń wo aago lóru?

Mi ò gbé ọ̀rọ̀ fáànù sórí ọmọlangidi rárá. Bí ẹ bá lo ìjà wọn gan-an, kálukú á máa ro ẹjọ́ tirẹ̀ ni. Agboòrùn kan ni mo mú wá: òjò ń rọ̀, Sọ́jà àti Dọ́tì (ìbọ̀sẹ̀ funfun tí ìdọ̀tí ò bọ́ lára rẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ) ń fa agboòrùn kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Òfin méjì ló wà. Ọmọlangidi kì í lu ènìyàn. Èyí tó bá lu ènìyàn ti lọ sùn nínú apẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó di ọjọ́ mìíràn. Èkejì ni pé kí ọmọlangidi tó sọ ohun tó fẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnì kejì ń fẹ́ àti ìdí rẹ̀, kí ẹnì kejì sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ariwo wá pọ̀ jù, mo ní kí wọ́n pààrọ̀ ọmọlangidi.

Ẹ̀gbọ́n wá di Dọ́tì, ẹni kékeré. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó fẹ́ agboòrùn torí ó ń bẹ̀rù ààrá." Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ààrá tẹ́lẹ̀ o. Ìgbà tó di alẹ́ kejì tí iná lọ, mo kàn bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà láìsí ìbọ̀sẹ̀: kí ló dé tí ẹnì kejì rẹ fi ń fẹ́ fáànù? Ẹ̀gbọ́n ní torí ooru. Àbúrò ní rárá, kì í ṣe ooru. Ẹ̀fọn ló ń jẹ òun lẹ́sẹ̀, fáànù ló ń lé wọn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Nẹ́ẹ̀tì ti ya níhà ògiri, níbi tí àbúrò ń sùn, ihò náà gba àtàǹpàkò méjì. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni mo ti ń dá ẹjọ́ fáànù, ọ̀rọ̀ ihò nẹ́ẹ̀tì sì ni. Abẹ́rẹ́ tí mo fi rán ojú Dọ́tì ni mo fi rán an. Fáànù dojú kọ ẹ̀gbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jà sí i mọ́. Wọ́n wá ń jà lórí rìmóòtù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún. Ẹnì kan ti gbà mí nímọ̀ràn tẹ́lẹ̀ pé kí ọmọ máa lu ìrọ̀rí kí ìbínú lè tán nínú rẹ̀. Ó lu ìrọ̀rí tán, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. Mo padà kà nípa ìwádìí tí Brad Bushman gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002 pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: àwọn tó ń lu àpò ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n sì ń ro ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n, inú tiwọn ló bí wọn jù. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọlangidi méjì máa kan ẹ̀ṣẹ́, bó ti wù kó pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó.

Ẹ má sì sọ ọmọlangidi lórúkọ ọmọ yín tàbí ti ọmọ aládùúgbò. Bí ọmọ bá wá tẹnu ọmọlangidi sọ ohun tó bà yín lẹ́rù, pé ẹnì kan ń lu òun tàbí ń fọwọ́ kan òun, ẹ má fi ìbọ̀sẹ̀ wádìí rẹ̀. Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni ọmọ tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe bí inú bá bí i, dókítà àwọn ọmọdé ni kó rí i.

Ní tiwa, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó rí nǹkan kan. A wà nídìí oúnjẹ, àbúrò mú ẹran tí ẹ̀gbọ́n ti ń wò. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó dì í, ó tú u, láìsí ìbọ̀sẹ̀ níbẹ̀, ó wá ní, "Èmi ni mo fẹ́ ìyẹn." Àbúrò kò dá a padà o. Àmọ́ kò gbá a létí. Ó ṣì ń gbá a lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní ojoojúmọ́.

Ẹ kó gbogbo ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ óò lò sínú apẹ̀rẹ̀ kan, kí ẹ sì fi èyí tó ṣì dára pamọ́. Èmi ò fi pamọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bọ́ọ̀sì ilé ìwé ti ń fọn fèrè níta, ìbọ̀sẹ̀ tuntun kan ṣoṣo ló kù nínú dúrọ́ọ̀. Èkejì ti ní bọ́tìnì méjì lórí.