Kí ló dé tó jẹ́ inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbẹ́ kànga?

"Ọmọ ilé-ìwé girama ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Bàbá àgbà wa ní a kì í gbẹ́ kànga lásìkò òjò. Ṣé èèwọ̀ ni, àbí ó nídìí?"

Kì í ṣe èèwọ̀ rárá. Àwọn agbẹ́kànga fẹ́ bá omi níbi tó ti lọ sílẹ̀ jù lọ láàárín ọdún ni, torí pé omi abẹ́ ilẹ̀ a máa gòkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀.

Oòrùn a máa sọ omi òkun di oru, atẹ́gùn láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn a sì gbé e wá sọ́dọ̀ wa di òjò. Ní Ifẹ̀, àkọ́rọ̀ òjò sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹ̀yin ọmọdé á yọ̀, ẹ ó sáré lọ wo kànga, kò ní kún! Ilẹ̀ tó ti gbẹ dà bí gààrí: yóò kọ́kọ́ fa omi tirẹ̀ tó. Bí òjò bá sì rọ̀ lójijì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á di ọ̀gbàrá, á gba gọ́tà lọ sódò. Èyí tó wọlẹ̀, igi àti àgbàdo á fà á mu, á tún di oru padà. Ìgbà tí ilẹ̀ bá rin gbingbin, láti nǹkan bí oṣù Òkúdù lọ, ni àṣẹ́kù tó lè jò dé ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí omi kànga fi sábà máa ń ga jù ní Ọ̀wẹwẹ̀ sí Ọ̀wàrà.

Bí ọyẹ́ bá dé, kò sí ohun tó ń wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ṣì ń sun jáde sínú odò. Òun gan-an ló ń jẹ́ kí àwọn odò kan máa ṣàn nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Àpáta líle ló wà lábẹ́ Ifẹ̀ àti Iléṣà. Inú ilẹ̀ tó jẹrà lórí àpáta náà àti inú ibi tí àpáta náà ti sán lomi ń gbé, kì í sì í pọ̀. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ yẹn ló lè gba omi kó sì tú u sílẹ̀: 100 mílímítà omi tó bá jò dé ìsàlẹ̀ yóò gbé omi kànga sókè ní mítà 1. Bí 300 bá dé ibẹ̀, mítà 3 ni. Bó bá jáde tán, mítà 3 náà ni yóò fi rọ̀.

Wàyí o, ẹni tó gbẹ́ kànga ní Ọ̀wẹwẹ̀ bá omi ní mítà 4, ó dúró ní 6. Ní Ẹrẹ́nà, omi ti rọ̀ dé mítà 7: kànga ti gbẹ. Ẹni tó gbẹ́ tirẹ̀ ní Ẹrẹ́nà bá omi ní 7, ó gbẹ́ ẹ dé 9. Tirẹ̀ kò ní gbẹ, àfi bí òjò ọdún kan bá ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n bí àpáta bá pàdé ọkọ́ ní mítà 6, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ràn án.

Bó o bá fẹ́ rí i fúnra rẹ, so òkúta mọ́ okùn, kó o máa wọn ibi tí omi wà ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó fa omi.