Tíṣà tó fẹ́ lọ sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́: ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ sílẹ̀, ẹ sọ ti àgbà

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún 9 rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti sú mi. Iṣẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ ni mo ń wá lọ́nà Ṣágámù, àmọ́ kò sẹ́ni tó pè mí. Ẹni tó kápá ọmọ 45 nínú kíláàsì, ṣé kò lè kápá òṣìṣẹ́ ni? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ iṣẹ́ tíṣà kúrò nínú ìwé ìtàn-iṣẹ́ mi. Ṣé kí n yọ ọ́?”

Ẹ má yọ ọ́. Tí wọ́n bá bi yín pé kí lẹ fi ọdún 9 ṣe, kí lẹ fẹ́ sọ? Ẹni tó bá sì fi irọ́ dí àyè náà, ọjọ́ tí wọ́n bá wádìí ni iṣẹ́ bọ́. Ó ti ṣojú mi rí.

Ọ̀rọ̀ “kápá” yẹn ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí, torí kò sí oṣù tí tíṣà kan kì í kọ ọ́ sí mi. Òṣìṣẹ́ kì í ṣe ọmọ kíláàsì. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, ẹ lè ní kó lọ kúnlẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá pẹ́ dé, kúérì lẹ máa kọ sí i, ẹ máa fún un láyè kó fèsì, ẹ máa wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó dárúkọ ìjìyà rárá. Bó bá sì di pé kó máa lọ, ẹ ò lè lé e lọ́sàn-án kan òru kan. Lábẹ́ Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, ẹni tó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan gbáko ni kí wọ́n ti sọ fún un ṣáájú. (Òfin yẹn ò ká àwọn tó wà nípò ìṣàkóso mọ́, ìwé àdéhùn tiwọn là ń wò. Èmi kì í sì í ṣe lọ́yà o.) Nítorí náà, tí ọ̀gá bá gbọ́ “mo lè kápá wọn” lẹ́nu yín, ẹni tó máa kó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ dé kóòtù ló rí yẹn.

Iṣẹ́ tí ẹ ṣe láàárín àwọn àgbà nílé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ sọ.

Obìnrin kan láti Òdògbolú mú ìwé tirẹ̀ wá bá mi. Ó kọ “sùúrù, ìbánisọ̀rọ̀, ìdarí” síbẹ̀. Mo ní kó ya á, torí kò sí tíṣà láti Ìlíṣàn dé Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò lè kọ ọ́. A jókòó pẹ́ kó tó mẹ́nu ba ìwé àkọsílẹ̀ kan, bí ẹni tí ò ka nǹkan náà sí. Òun ni ọ̀gá wọn máa ń fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Ìjagun wá ṣe TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ tíṣà, lé lọ́wọ́. Ó kíyè sí i pé wọ́n máa ń dé láìmọ ẹni tí wọ́n máa bi ní nǹkan, àwọn kan a sì pòórá kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta. Ló bá ṣètò rẹ̀ sínú ìwé náà: ẹni tó máa mú wọn yíká lọ́jọ́ kìíní, ìjókòó ogún ìṣẹ́jú ní ìparí ọ̀sẹ̀, àti ọjọ́ tí òun máa wọ kíláàsì wọn wò. Lọ́dún àkọ́kọ́, kó tó ṣètò yìí, nínú 6, 2 sá lọ. Lọ́dún kejì, gbogbo àwọn 7 tó wá ló parí.

Gbígba òṣìṣẹ́ tuntun wọlé gan-an nìyẹn. Ó ti ń ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni kò mọ̀. Ohun tí a wá kọ rèé:

“Tíṣà ni mí fún ọdún 8. Nínú ọdún méjì tó kẹ́yìn, èmi ni mo ń gba àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ wọlé. Méjì nínú mẹ́fà ló kọ́kọ́ sá lọ, lẹ́yìn tí mo tún ètò náà ṣe, kò sẹ́ni tó lọ mọ́. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ máa ṣe lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá àyè níbi ìgbàwọlé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́.”

Ẹ rí i pé kò sọ pé iṣẹ́ tíṣà sú òun. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé ìyẹn mì. Obìnrin náà kó ìwé àkọsílẹ̀ yẹn dání lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nígbà tí wọ́n sì bi í pé kí ló yí padà láàárín ọdún méjèèjì, ojú ewé ló ṣí fún wọn. Ọ̀gá tó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú ẹgbẹ́ mi, ìṣirò ló fẹ́ rí. Wọ́n tún bi í nípa owó oṣù àti pẹ́ńṣàn, ó ní òun ò tíì ṣe é rí. Wọ́n gbà á, àmọ́ ipò kékeré ni, owó rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti ilé-ẹ̀kọ́ lọ.

Àwọn tó ń ta sáàtífíkéètì ọlọ́jọ́ méjì, ẹ sá fún wọn. CIPM ni ẹgbẹ́ tí òfin 1992 gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ìdánwò tiwọn ni kí ẹ wádìí.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tiyín, ta ni wọ́n ń fa àwọn ọmọ TP lé lọ́wọ́? Ta ló ń ṣètò ẹni tó máa di kíláàsì mú tí tíṣà ò bá wá? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ kọ bí ẹ ṣe ń ṣe é ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó.