Ìrora òjijì lábẹ́ ikùn: ṣé kí n sinmi ni àbí kí n sáré lọ ilé ìwòsàn?

"Ọjọ́ kẹrìnlá rèé tí nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ àná, nǹkan kan ṣàdédé gún mi lábẹ́ ikùn lápá òsì. Síkáánì ti fi àpò omi hàn lára ilé ẹyin mi rí. Kí ni kí n ṣe?"

Ó jọ pé àpò omi náà ló bẹ́. Omi inú rẹ̀ tó dà sínú ikùn ló ń ta yín lára. Ara á fa omi náà gbẹ fúnra rẹ̀, ìrora náà a sì máa rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mélòó kan.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìtọ̀ yẹ oyún wò. Bí oyún bá wà, ẹ má dúró sílé rárá: oyún tó dúró síta ilé ọmọ lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bí kò bá sí, tí ẹ sì lè dìde rìn, tí ìrora náà dín kù láàárọ̀ yìí ju ti àná lọ, ẹ sinmi. Ẹ lo parasitamọ́ọ̀lù 500 mg méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó kéré tán kí wákàtí mẹ́fà kọjá kí ẹ tó tún lo méjì míì, kó má ju mẹ́jọ lọ lójúmọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ikùn lewu gan-an, àgàgà bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí kì í hàn níta. Bí òòyì bá ń kọ́ yín tí ẹ bá dìde, tí àyà ń yára lù, tàbí tí ṣóńṣó èjìká ń dun yín (bẹ́ẹ̀ ni, èjìká!), ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbé yín lọ báyìí. Ibà tàbí èébì tí kò dáwọ́ dúró náà tó gbé yín lọ.